ETF àbí mútúà fọ́ǹdù? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù n'Íbàdàn

Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde nípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Bódìjà nìyí, pàápàá lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé. Mo to àwọn tó rọrùn síwájú, àwọn tó le sì wà nísàlẹ̀.

Ṣé ETF yìí náà ni wọ́n kọ sára àwọn ilé ní Yunifásítì Ìbàdàn?

Rárá o. Ti ara ilé yẹn jẹ́ àjọ ìjọba tó ń fi owó orí àwọn ilé iṣẹ́ kọ́ ilé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń pè é ní TETFund, ṣùgbọ́n lẹ́tà àtijọ́ ò tíì pa rẹ́ lára ògiri. ETF tí à ń sọ níbí, ọjà ìpín ni wọ́n ti ń rà á, ní NGX tó wà l'Ékòó. Àwọn méjèèjì ò bára tan rárá.

Kí ló mú ETF àti mútúà fọ́ǹdù jọra, kí ló sì yà wọ́n?

Àpò àpapọ̀ ni méjèèjì. Èèyàn púpọ̀ á da owó pọ̀, ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà á fi owó ọ̀hún ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ìwé gbèsè ìjọba, kálukú á sì ní yúníìtì tirẹ̀ bí owó tó dá bá ṣe pọ̀ tó.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yàtọ̀. Tó bá jẹ́ mútúà, ọ̀dọ̀ àpò fúnra rẹ̀ lẹ ti ń rà, àpò náà lẹ sì máa dá yúníìtì padà fún lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó yín. Tó bá jẹ́ ETF, ọwọ́ ẹlòmíràn tó fẹ́ tà lọ́jà lẹ ti ń rà, ẹlòmíràn tó fẹ́ rà lẹ sì máa tà á fún. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ti wá.

Ìyàtọ̀ mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ ETF tó wà lọ́jà wa kì í ṣa ìpín bó ṣe wù ú. VETGRIF30 àti STANBICETF30, bí àpẹẹrẹ, ń tẹ̀ lé àtòjọ àwọn ilé iṣẹ́ 30 tó tóbi jù lọ lórí NGX. Ohun tó bá wà nínú àtòjọ náà ni wọ́n ń rà, ìdí sì nìyẹn tí owó iṣẹ́ wọn fi máa ń kéré. Olùdarí mútúà ní tirẹ̀ máa ń yàn fúnra rẹ̀, ó sì ń gba owó ọgbọ́n tó lò.

Ta ló di owó wa mú? Ṣé ẹni tó ń darí àpò ò lè gbé e sá lọ?

Owó àti ìpín inú àpò kì í wà lórúkọ ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú wọn, alámòójútó kan sì wà tó dúró fún àwa tá a ní yúníìtì. SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, ló ń fún gbogbo wọn níwèé àṣẹ, ó sì ń gbé iye àwọn mútúà tó forúkọ sílẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpò tí ẹ ò bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi owó sí i.

Ìyẹn ò sọ pé owó ò lè dín kù. Àpò tó kún fún ìpín máa ń gòkè, ó sì máa ń wálẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí iye èrè pàtó lóṣù fún yín lórí ìpín, irọ́ ló ń pa.

Tí mo bá san owó mútúà láàárọ̀, iye wo ni wọ́n máa tà á fún mi?

Iye tí wọ́n bá ṣírò lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa lọ́jọ́ náà ni. Wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú àpò, wọ́n á yọ gbèsè àti owó iṣẹ́ kúrò, wọ́n á wá fi iye yúníìtì pín in. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní NAV yúníìtì kan. Gbogbo ẹni tó san owó lọ́jọ́ yẹn, ìbáà jẹ́ ₦5,000 tàbí mílíọ̀nù márùn-ún, iye kan náà ni wọ́n máa rà á. Tí owó yín bá wọlé lẹ́yìn wákàtí tí wọ́n yàn, ó di iye ọjọ́ iṣẹ́ kejì.

Àwọn mútúà kan máa ń kọ iye méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ń rà, ìkejì fún ẹni tó ń dá a padà. Ẹ fi iye kejì wé ti àkọ́kọ́, torí owó ni ìyàtọ̀ yẹn náà.

Báwo ni mo ṣe máa ra ETF?

Bí ẹ ṣe máa ra ìpín gẹ́lẹ́ ni. Ẹ máa ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà ìpín tó ní ìwé àṣẹ, òun á sì bá yín ṣí ti CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín sí. Ẹ máa nílò BVN, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn. Kò sí ohun tó ń gbé yín lọ s'Ékòó. Àwọn alágbàtà mélòó kan ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní áàpù.

Ẹ ó wá orúkọ ETF náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lórí ọjà, ẹ ó sọ iye yúníìtì tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì sọ iye tí ẹ lè san jù. Kókó tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Àyè méjì ló máa wà lójú áàpù: ọ̀kan ní kí wọ́n bá yín rà á ní iyekíye tó bá wà lọ́jà, wọ́n ń kọ ọ́ ní Market, ìkejì ni ẹ ti máa fi òté lé iye tí ẹ ò ní kọjá, wọ́n ń kọ ọ́ ní Limit. Tó bá jẹ́ ETF lọ́jà wa, Limit nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Mo máa fi ìdí rẹ̀ hàn nísàlẹ̀.

Báwo ni ọjà ETF ṣe ń rí lójú áàpù ní ọjọ́ gbogbo?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ bó ṣe sábà máa ń rí. Lápá òsì, ẹni tó fẹ́ rà ń wá yúníìtì 500 ní ₦48. Lápá ọ̀tún, ẹni tó ń tà ní 120 péré, ₦55 ló sì ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan kan láti àárọ̀. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè, ₦53, iye tí wọ́n ta ìwọ̀nba yúníìtì ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá rà ní ₦55, tí ọmọ yín wá ṣàìsàn lọ́la tí ẹ fẹ́ gba owó, ₦48 ni wọ́n máa rà á lọ́wọ́ yín. ₦7 ti lọ lórí yúníìtì kan láìjẹ́ pé ọjà wálẹ̀. Owó yìí kì í sí nínú ìwé owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi hàn yín, ṣùgbọ́n àpò yín ló ti jáde.

Kí ló dé tí iye ETF lọ́jà kì í fi í bá NAV rẹ̀ mu?

ETF ní NAV bíi mútúà: iye ohun tó wà nínú àpò, tí a fi iye yúníìtì pín. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà ló ń fohùn ṣọ̀kan lé e. Ká ní ẹnì kan di ìrẹsì, ẹ̀wà àti gaàrí sínú àpò kan ní Bódìjà, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦50,000 téèyàn bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí àpò náà bá wọ́n lọ́jà, tí èèyàn ogún sì ń wá a, ẹnì kan lè san ₦62,000. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju ₦50,000 lọ síbẹ̀.

Níbi tí ọjà ETF ti tóbi, irú nǹkan báyìí kì í pẹ́. Àwọn alágbàtà ńlá kan ní àṣẹ láti kó ìpín wá fún àpò, kí wọ́n gba yúníìtì tuntun, kí wọ́n sì tà á lọ́jà. Tí iye bá ti ju NAV lọ, èrè wà níbẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì ṣe é títí iye á fi wálẹ̀. Tí iye bá kéré sí NAV, wọ́n á ra yúníìtì lọ́jà, wọ́n á dá a padà fún àpò, wọ́n á sì gba ìpín. Ohun tó ń so iye ọjà mọ́ NAV nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, okùn náà dẹ̀. Àwọn àpò náà kéré, yúníìtì tó ń yí lọ́jà ò pọ̀, èrè ibẹ̀ kì í sì í sábà tó ohun tí alágbàtà ńlá máa torí rẹ̀ dìde. Nítorí náà, iye lè ju NAV lọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ọjà tún ní òté pé ìpín ò gbọ́dọ̀ gòkè tàbí wálẹ̀ ju 10% lọ lóòjọ́, èyí tó ń jẹ́ kí iye tó ti ṣì gbà pẹ́ kó tó padà sípò.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ETF ti wọ́n ju iye rẹ̀ lọ?

Ẹ wá NAV rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀. Ẹ wo déètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Ẹ mú iye ọjà, ẹ yọ NAV kúrò, ẹ fi NAV pín èsì rẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100:

```
(iye ọjà - NAV) / NAV x 100
(62 - 50) / 50 x 100 = 24
```

Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ san 24% lórí ohun tó wà nínú àpò. Ní tèmi, mi ò kì í kọjá 2% sí 3%. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń dúró. Kò sí òfin kankan tó ní kí ẹ rà lónìí.

Àmì mìíràn tún wà: tí ETF tó ń tẹ̀ lé àtòjọ 30 bá gòkè 40% láàárín oṣù kan, tí àtòjọ náà fúnra rẹ̀ ò gòkè ju 5% lọ, kì í ṣe pé olùdarí ETF náà mọ iṣẹ́ jù. Àwọn tó ń rà á ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Mo ti rà á ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí láìwo NAV, torí pé gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ń lọ sókè. Nígbà tí iye padà sí ibi tí NAV wà, ìpín inú àpò ò já wálẹ̀ rárá, síbẹ̀ owó tèmi ti dín kù. Ó dùn mí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn.

Owó wo ni wọ́n ń yọ lára mútúà, èwo ni wọ́n ń yọ lára ETF?

Owó oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún nínú àpò, àti èyí tí ẹ ń san nígbà tí ẹ bá rà tàbí tà.

Ọ̀dọ̀ mútúà, ti ọdọọdún ló wúwo. Àpò tó kún fún ìpín lè yọ 2% sí 3% lọ́dún tí a bá ka owó olùdarí, owó alámòójútó, owó aṣàyẹ̀wò ìṣirò àti ìyókù pọ̀. Ẹ kì í rí i kó kúrò ní àkáǹtì yín, torí wọ́n ti yọ ọ́ kí wọ́n tó kọ NAV. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, yálà àpò náà jèrè tàbí ó pàdánù. Àmọ́ tí ẹ bá ń rà á, ọ̀pọ̀ kì í gba nǹkan kan.

Ọ̀dọ̀ ETF, ti ọdọọdún kéré, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹ bá rà tàbí tà ni wọ́n máa yọ owó. Owó alágbàtà wà níbẹ̀, èyí tí òfin ò jẹ́ kó ju 1.35% lọ, VAT sì wà lórí rẹ̀. Owó SEC tàbí ti NGX àti CSCS tún wà, pẹ̀lú owó sítám̀pù. Ní ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ń gba owó rẹ̀ pé, ó máa ń sún mọ́ 1.8% tí ẹ bá rà, ó sì máa ń lé díẹ̀ ní 2% tí ẹ bá tà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tò sórí ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdúnàádúrà, tí wọ́n ń pè ní Contract Note. Ẹ kà á. Ó sábà máa ń wà nínú ímeèlì tí ẹ kì í ṣí.

Ẹni tó bá ń rò pé 1.8% ti pọ̀ jù, kó rántí alájọ. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ máa dá ₦30,000 lóṣù, alájọ á sì mú ti ọjọ́ kan. 3.3% nìyẹn, láìsí èlé. Mi ò bú alájọ o, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló ń ṣe, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ráyè dé báńkì. Mo kàn fẹ́ ká mọ ohun tá a ti ń san.

Mo fẹ́ máa fi ₦20,000 pamọ́ lóṣù. Èwo ló yẹ mí?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ìpín kan náà ló wà nínú mútúà àti ETF, NAV méjèèjì sì jẹ́ ₦50. Mútúà ń yọ 2.5% lọ́dún, ETF ń yọ 1%, alágbàtà àti ìyókù sì ń gba 1.8% tí ẹ bá rà.

Ní mútúà, ₦20,000 yín wọlé ní odindi. Ó di yúníìtì 400. Láàárín ọdún kan, nǹkan bíi ₦500 ni wọ́n máa yọ lára rẹ̀.

Ní ETF, tí ọjà bá ń tà á ní ₦50 gẹ́lẹ́, ẹ máa rí yúníìtì 392 rà, tó jẹ́ ₦19,600. Owó ìdúnàádúrà máa jẹ́ nǹkan bíi ₦353, ₦47 á sì ṣẹ́ kù tí kò lè ra odindi yúníìtì. Ti ọdọọdún á jẹ́ nǹkan bíi ₦196. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa san 2% àti díẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tà. Ẹ ka rírà àti títà pọ̀, ó sún mọ́ 4%. ETF ń bá yín tọ́jú 1.5% lọ́dún ju mútúà lọ, nítorí náà náírà kọ̀ọ̀kan ní láti lo bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í borí mútúà. Ẹni tó ń kó owó ilé ìwé tó máa san lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀nà rẹ̀ kọ́ nìyí.

Wàyí o, ká ní ọjà ń tà á ní ₦62 nígbà tí NAV jẹ́ ₦50. ₦20,000 yẹn máa ra yúníìtì 316 péré. Ìpín tó wà lẹ́yìn yúníìtì 316 náà jẹ́ ₦15,800. Tí a bá yọ nǹkan bíi ₦55 tó ṣẹ́ kù, nǹkan bíi ₦4,145 ti lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ju owó tí mútúà máa yọ lára ₦20,000 náà ní ọdún mẹ́jọ. Ẹ ò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín náà máa san irú àlékún bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: ẹni tó ń fi owó kékeré pamọ́ lóṣooṣù, tí kò ní máa wo NAV kó tó rà, mútúà ló yẹ ẹ́. Ó lè ní kí báńkì máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, kò sì ní ra ohun kan ní ọ̀wọ́n ju iye tó wà nínú rẹ̀ lọ. ETF yẹ ẹni tó máa fi owó náà sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún sókè, tó sì máa ṣe ìṣirò ìlà kan yẹn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ rà.

Tí mo bá ń kó owó jọ, kí n máa ra ETF lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin ńkọ́?

Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. 1.8% lórí ₦20,000 lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti 1.8% lórí ₦80,000 lẹ́ẹ̀kan, iye kan náà ni. Ibi tó ti máa ń dín owó kù ni ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ní iye tó kéré jù tó máa gbà. Ká ní ₦500 ni: lórí ₦20,000, 2.5% nìyẹn, ṣáájú VAT. Lórí ₦80,000, 1.35% ti ju ₦500 lọ, ẹ ò sì ní jẹ ìyà yẹn. Ẹ béèrè ìbéèrè yìí kí ẹ tó ṣí àkáǹtì.

Èrè tó ga jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè dúró. Ẹ máa kó owó oṣooṣù sínú mútúà tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba tí kì í pẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Money Market Fund, kó máa jèrè níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ETF bá ti sún mọ́ NAV rẹ̀, ẹ gbé owó náà lọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpò náà ní iye ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ lò. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé 30 ọjọ́, wọ́n sì máa ń yọ lára èrè ẹni tó bá gbà á ṣáájú.

Èwo ni mo ti lè tètè rí owó mi gbà?

Mútúà ló dájú jù. Ẹ ó kọ̀wé tàbí tẹ̀ ẹ́ lórí áàpù, wọ́n á sì san án sí àkáǹtì báńkì yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan sí márùn-ún. Àpò náà ni dandan fún láti gbà á padà ní NAV.

Ti ETF, ọjọ́ iṣẹ́ méjì sí mẹ́ta ni owó máa ń gbà lẹ́yìn títà. Títà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹ lè gbé yúníìtì 3,000 sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí 400 péré ti lọ nígbà tó fi máa di ọjọ́bọ̀. Nítorí náà, owó tó jẹ́ ti pàjáwìrì, owó ilé ìwòsàn, owó ilé, ẹ má kó o sínú ETF.

Tí àpò bá pín èrè, báwo ló ṣe máa dé ọwọ́ mi?

Ọ̀pọ̀ mútúà máa bi yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé bóyá kí wọ́n fi èrè náà ra yúníìtì sí i tàbí kí wọ́n san án. Ẹni tó ń kó owó jọ, kó ní kí wọ́n fi rà á. Ti ETF, inú báńkì ló ń wọlé sí, tí ẹ bá sì fẹ́ fi rà á padà, ẹ máa san owó ìdúnàádúrà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà báńkì yín wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń san èrè. Nítorí àìṣe èyí, owó púpọ̀ wà nílẹ̀ tí àwọn tó ni ín ò rí gbà.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ èlé. Ṣé ti wa wà níbẹ̀?

Ó wà. LOTUSHAL15 jẹ́ ETF tó ń tẹ̀ lé àtòjọ ìpín tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ní ìlànà Sharia, kò sì sí báńkì elélé nínú rẹ̀. Àwọn mútúà náà wà tó ń lo sùkúùkù àti ìpín tó jẹ́ halálì. Ìṣirò NAV tí mo kọ sókè kan LOTUSHAL15 náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ pé ETF ló rọjú jù. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Òótọ́ ni, ti ọ̀dọ̀ wọn ni. Níbẹ̀, VOO, tó ń tẹ̀ lé ilé iṣẹ́ 500, ń yọ 0.03% péré lọ́dún. Ọ̀pọ̀ alágbàtà wọn kì í gba owó ìdúnàádúrà mọ́, yúníìtì tó ń yí lójúmọ́ jẹ́ mílíọ̀nù, iye ọjà ò sì í jìnnà sí NAV. Òfin owó orí wọn tún máa ń ṣe ETF lóore ju mútúà lọ. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìdí yìí tó wà níbí bó ṣe wà lọ́hùn-ún. Ẹ má fi fídíò ẹni tó wà ní Ṣìkágò ra ohun tí wọ́n ń tà l'Ékòó.

Ìpín 30 ló wà nínú ETF mi. Ṣé ìyẹn ò tó láti dáàbò bo owó mi?

Ó kéré sí bí ó ṣe ń dún létí. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó lọ́jà ni wọ́n ṣe ń fún un láyè tó nínú àtòjọ náà. Lọ́jà wa, ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ gọ̀ǹgọ̀, irú bíi Dangote Cement, MTN Nigeria àti Airtel Africa, ló ń kó apá ńlá níbẹ̀. Tí ìpín Dangote Cement bá wálẹ̀ 10% lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i nínú ETF yín. Tí ilé iṣẹ́ tó wà ní ipò kejìdínlọ́gbọ̀n bá wálẹ̀ 10%, bóyá lẹ ó fi mọ̀.

Ẹ ṣí ìwé oṣooṣù tí olùdarí ń gbé jáde, ẹ ka ìdá tí ilé iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́ kó pọ̀. Mútúà tó ní olùdarí lè pín in káàkiri ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n òun náà lè ṣe bíi àtòjọ kó sì máa gba 2.5%. Tí ẹ bá rí mútúà tí ìpín mẹ́wàá tó tóbi jù nínú rẹ̀ bá ti ETF mu lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọgbọ́n lẹ ń san fún ẹni tí kò lo ọgbọ́n kankan.

Mo ti ra ETF ní ọ̀wọ́n. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí lónìí, ẹ má wo iye tí ẹ rà á. Tí ọjà bá ṣì ń tà á ní ₦62 tí NAV sì jẹ́ ₦50, ẹnì kan ṣì wà tó fẹ́ san àlékún yẹn fún yín. Ẹ lè tà á, kí ẹ sì fi owó náà ra mútúà tó ní ìpín tó jọ ọ́ ní NAV. Ní yúníìtì 316, ₦19,592 ni ẹ máa tà á. Ẹ yọ 2.1%, ó ku nǹkan bíi ₦19,180. Ẹ ti gba èyí tó pọ̀ jù padà, ìpín tó wà lẹ́yìn owó yín á sì kúrò ní ₦15,800, á di ₦19,180.

Tó bá jẹ́ pé iye ti padà sí NAV, àlékún náà ti lọ, títà á ò lè mú un padà. Tí ẹ ò bá nílò owó náà, ẹ fi í sílẹ̀, torí ti ọdọọdún kéré níbẹ̀. Owó tuntun ni kí ẹ máa darí síbòmíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ tà, Limit náà ni kí ẹ lò. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọjà tó ní olùrà méjì.